Ibi Ọmọ Tó Kọ̀ Tí Kò Bọ́: Kí Nìdí Tí A Kì í Fi Agbára Fà Á Lára Ewúrẹ́ Tàbí Màlúù?

Ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù keje ni ewúrẹ́ màmá kan ní Ìmọ̀tà bí ìbejì, ní àsìkò tí wọ́n ń jáde ní mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Ọmọ méjèèjì dìde, wọ́n ń mu ọmú, ara ìyá sì dá. Ṣùgbọ́n ibi kò bọ́. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ó ṣì rọ̀ lẹ́yìn ẹran náà bí aṣọ tútù, ó ń wọ́ nílẹ̀, eṣinṣin sì ti bò ó. Aládùúgbò màmá, bàbá kan tó ti sin ewúrẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, sọ pé bí ibi bá pẹ́ nínú, ńṣe ni yóò gun òkè lọ bá ọkàn, ẹran á sì kú. Ó so sílípáàsì kan mọ́ ọn kí ó lè wúwo. Nígbà tí ìyẹn kò ṣiṣẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́, ó fi ọ̀rá di ọwọ́, ó di ibi mú, ó sì fà á. Ó já sí i lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tẹ̀ lé e. Gbogbo wọn dúpẹ́ pé ó ti jáde.

Ọjọ́rú ni wọ́n tó pe èmi dókítà ẹranko. Ewúrẹ́ náà dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, kò wo èèpo ẹ̀gẹ́ tí wọ́n kó síwájú rẹ̀. Omi pupa rúsúrúsú tó ń rùn burúkú ń ṣẹ́ jáde lára rẹ̀, ọmú rẹ̀ ti rọ̀ bí àpò òfìfo, àwọn ọmọ sì ń ké. Mo ti tẹmọ́mítà bọ ìdí rẹ̀: 40.9°C.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ Àìkú sí Ọjọ́rú yẹn ni mo fẹ́ ṣàlàyé. Ẹni tó fa ibi yẹn kì í ṣe òmùgọ̀, ó sì fẹ́ràn ẹran ju èmi gan-an lọ. Ohun tí kò mọ̀ ni bí ibi ṣe di ilé-ọmọ mú.

Bí ẹ bá ti rí ibi màlúù tó bọ́ sílẹ̀ rí, ẹ ó ti rí i pé kì í ṣe ìṣù ẹran kan ṣoṣo. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, bíi ọ̀rá, tí àwọn kókó pupa sì wà káàkiri ara rẹ̀. Ti màlúù máa ń tó 75 sí 120, ti ewúrẹ́ náà kò jìnnà sí i. Ojú kókó wọ̀nyí ni ìyá àti ọmọ ti so pọ̀. Apá kan jẹ́ ti ìyá, ó hù láti ara ògiri ilé-ọmọ. Apá kejì jẹ́ ti ọmọ, òun ló wà lára ibi. Lára màlúù, apá ti ìyá yọ orí bí olú, ti ọmọ sì dé e lórí bíi fìlà. Lára ewúrẹ́, apá ti ìyá dàbí ife kékeré, ti ọmọ sì jókòó sínú rẹ̀. Bó ti wù kó rí, ìka wẹ́wẹ́ tí kò lóǹkà ló jáde láti apá ti ọmọ wọ inú ihò wẹ́wẹ́ tó wà lára ti ìyá, nǹkan kan sì wà láàárín wọn tó lẹ̀ wọ́n pọ̀ bí àtè. Ọ̀nà yẹn ni ọmọ fi ń gba oúnjẹ fún oṣù 5 tí ewúrẹ́ fi ń lóyún, tàbí oṣù 9 lé díẹ̀ ti màlúù.

Ẹni tó bá ti hú ẹ̀gẹ́ rí mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, ẹ máa di igi ẹ̀gẹ́ mú, ẹ máa mì í lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo ìdí rẹ̀ á sì jáde lódindi. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀ẹ̀rùn, tí ilẹ̀ bá ti le, bí ẹ bá fi agbára fà á, igi nìkan ló máa bọ́ sí yín lọ́wọ́. Ẹ̀gẹ́ á kán sínú ilẹ̀, yóò sì jẹrà síbẹ̀. Bí ibi ọmọ ṣe rí gan-an nìyẹn. Ibi tí kò bọ́ kò ṣaláìní ẹni tí yóò fà á. Òjò rẹ̀ ni kò tíì rọ̀.

Kí ni òjò yẹn? Ara ìyá fúnra rẹ̀ ni. Ìdajì ohun tó wà lára ọmọ, ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti wá, nítorí náà àlejò ni ibi jẹ́ nínú ara ìyá. Ní gbogbo ìgbà oyún, ara ìyá máa ń mójú kúrò lára àlejò yìí. Bí ìbímọ bá wá kù sí dẹ̀dẹ̀, ojú rẹ̀ á là. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, àwọn kan náà tó máa ń kóra jọ sójú egbò láti bá kòkòrò àrùn jà, á wá dá ibi mọ̀ gẹ́gẹ́ bí àjèjì, wọ́n á lọ bá a, wọ́n á sì yọ́ àtè tó wà láàárín kókó. Nígbà tí àtè bá ti yọ́, ìka wẹ́wẹ́ á yọ kúrò nínú ihò wọn, ilé-ọmọ á fún, ibi á sì bọ́.

Ní 2002, Kimura àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Ames, ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn màlúù kí wọ́n tó bímọ àti lẹ́yìn tí wọ́n bí. Àwọn màlúù tí ibi wọn kò bọ́, sẹ́ẹ̀lì funfun tiwọn ti ń lọ́ra kí ọjọ́ ìbímọ tó pé rárá, wọn kì í sì í tètè lọ bá ibi bí ti àwọn yòókù. Èyí já sí nǹkan méjì. Èkíní, ìṣòro náà ti bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó wá sáyé, nítorí náà ẹni tó dúró lẹ́yìn ẹran lọ́jọ́ ìbímọ kò lè fi ọwọ́ líle yanjú rẹ̀. Èkejì, ẹran tí ibi rẹ̀ kò bọ́ jẹ́ ẹran tí ọmọ ogun ara rẹ̀ ti rẹ̀. Òun ló yẹ kí á ṣọ́ra jù lọ kí a má baà kó kòkòrò àrùn bá a, òun náà la sì máa ń ki ọwọ́ bọ̀.

Ó tún ṣàlàyé ìdí tí abẹ́rẹ́ tó ń mú ilé-ọmọ fún kì í fi ń ṣe ohun tí àwọn ènìyàn ń retí. Bí ilé-ọmọ bá ń fún títí di ọ̀la, ohun tó ti tú nìkan ló lè tì jáde. Dókítà ẹranko lè fún ewúrẹ́ ní díẹ̀ nínú rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì máa ń ran òmíràn lọ́wọ́. Bí ọjọ́ kan bá ti kọjá, agbára rẹ̀ ti tán. Ọmú tí ọmọ ń mu gan-an ń mú irú oje kan náà jáde lára ìyá, nítorí náà ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mu ọmú ní kíá. Ọ̀fẹ́ ni.

Ìbéèrè kan wà tí màmá náà bi mí, ó sì dára púpọ̀. Ó ní, "Dókítà, ṣebí nígbà tí mo bí àbíkẹ́yìn mi, tí ibi kò tètè jáde, nọ́ọ̀sì ni ó fi ọwọ́ mú un. Kí ló dé tí ti ẹran fi yàtọ̀?" Òótọ́ ni. Ibi ènìyàn jẹ́ ìṣù kan ṣoṣo, ó sì jẹ wọ inú ẹran-ara ilé-ọmọ débi pé ẹ̀jẹ̀ ìyá ń wẹ̀ ẹ́. Bí kò bá jáde, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ wọ̀nyẹn kò ní lè pa dé, obìnrin lè dà ẹ̀jẹ̀ títí ẹ̀mí á fi bọ́ láàárín wákàtí díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sáré ní ilé-ìwòsàn bí ó bá ti ju ààbọ̀ wákàtí lọ. Ti màlúù àti ewúrẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi wọn kì í jẹ wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ìyá, ó kàn lẹ̀ mọ́ ọn lára ni. Ibi tó dúró sínú wọn kì í sábà mú ẹ̀jẹ̀ dà. Ẹ̀jẹ̀ tí a bá rí, ọwọ́ wa ló sábà fà á. Ní ti pé yóò gun òkè lọ bá ọkàn, mo fi dá màmá lójú pé kò sí ọ̀nà tó ti ilé-ọmọ lọ sí àyà. Àpò ni, ẹnu rẹ̀ tí ibi lè gbà jáde sì kọjú sí ìta.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ewúrẹ́ Ìmọ̀tà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tí ibi já yẹn, àwọn kókó tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà ló tú. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ikùn kò tú, awọ wọn ya, ìka wẹ́wẹ́ wọn sì kán sínú ihò. Lójú kókó mìíràn, ti ìyá ló fà ya tẹ̀ lé ti ọmọ, ó di egbò. Nítorí náà, ohun tí wọ́n rò pé àwọn ti mú kúrò ṣì wà nínú níbẹ̀, àmọ́ ó ti di wẹ́wẹ́, egbò tuntun sì yí i ká. Afẹ́fẹ́ àti ìdọ̀tí bá ọwọ́ wọlé. Kòkòrò àrùn wà nínú ilé-ọmọ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ẹran tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, ìyẹn kì í ṣe tuntun. Ohun tí kì í jẹ́ kí wọ́n wọ inú ẹ̀jẹ̀ ni awọ inú ilé-ọmọ tó pa dé. Fífà la ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀. Láàárín ọjọ́ méjì, májèlé wọn ti dé inú ẹ̀jẹ̀, ara gbóná, oúnjẹ kò wù ú mọ́, wàrà sì gbẹ.

Ó tilẹ̀ ṣe oore pé ilé-ọmọ fúnra rẹ̀ kò tẹ̀ lé sílípáàsì yẹn jáde. Mo ti rí i. Bí ẹrù bá rọ̀ mọ́ ibi tó ṣì lẹ̀ mọ́ inú, ó lè fa ilé-ọmọ yí padà bí àpò tí a fa inú rẹ̀ síta. Ẹ óò rí ohun ńlá pupa tó wú, tí àwọn kókó tó le wà lára rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ibi, ẹ má gé e o! Ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án, ẹ fi aṣọ tó mọ́ tó sì tutù gbé e kúrò nílẹ̀, kí ẹ sì wá dókítà ẹranko lójú ẹsẹ̀. Ìrìn wákàtí kan níbẹ̀ jìnnà púpọ̀.

Mo fún ewúrẹ́ náà ní abẹ́rẹ́ tó ń pa kòkòrò àrùn fún ọjọ́ 5, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ìrora, àti ti àrùn ipá nítorí pé ewúrẹ́ tètè máa ń kó ipá láti inú egbò bẹ́ẹ̀. A ń fún un ní omi oníṣúgà àti iyọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó yè. Èyí tó kéré nínú ìbejì kò yè, nítorí wàrà kò sí. Òbúkọ gun ìyá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́yìn oṣù díẹ̀ kó tó lóyún. N kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé fífà nìkan ló fa ìyẹn, àmọ́ àpá inú ilé-ọmọ kì í jẹ́ kí oyún tètè dúró.

Báwo wá ni a ṣe ń ṣe é? Ẹ kọ́kọ́ mọ àsìkò. Ewúrẹ́ sábà máa ń ta ibi nù láàárín wákàtí 4, màlúù láàárín wákàtí 6 sí 8. Kí ó tó pé wákàtí 12, kò sí ohun tó ń lé wa. Bí ewúrẹ́ bá ṣì ń rọbí kíkankíkan nígbà náà, ẹ wò ó bóyá ọmọ mìíràn ṣì kù nínú. Bí ó bá kọjá wákàtí 12, a ti lè pè é ní ibi tó kọ̀.

Ní gáà kan lẹ́yìn Odògùnyàn, màlúù kan bímọ ní alẹ́ Sátidé. Ọmọ náà tóbi, wọ́n bá a fà á jáde. Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, ibi ṣì rọ̀ títí kan orúnkún ẹ̀yìn. Màlúù ń jẹko, ìwọ̀n ooru rẹ̀ jẹ́ 38.8°C, èyí tí kò burú nítorí pé ti màlúù wà láàárín 38 sí 39.3°C. Mo fi sàbúùnù fọ ìdí rẹ̀. Mo fi ìka méjì péré di ibi mú, mo gbọ̀n ọ́n díẹ̀, kò mira. Òṣùwọ̀n mi nìyẹn: ohun tí ìka méjì kò bá mú wá kò tíì tú. Mo ta á ní kókó kan, mo sì fi sísọ́ọ̀sì tó mọ́ gé èyí tó ń wọ́, mo ṣẹ́ ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan kù síta. Ẹ má gé e kanlẹ̀, bí ẹ bá gé e kanlẹ̀ yóò sá wọlé, ẹ kò sì ní mọ ìgbà tó bọ́.

Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ tó kù, ti tẹmọ́mítà ni. Èyí tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn ní Ṣábọ̀ fún ọmọdé tó. Ọmọkùnrin tó ń da màlúù náà ń wọn ọ́n ní àràárọ̀, ó ń fi èédú kọ iye rẹ̀ sára pákó. Ọjọ́ kẹta, 38.9. Ọjọ́ kẹrin, 39.1. Òórùn ti ń jáde gan-an nígbà yìí, olówó màlúù sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí pé kí n fà á. Mo ní ohun tó ń jẹrà ló ń rùn, jíjẹrà yẹn náà ló sì ń tú kókó. Òórùn nìkan kì í ṣe àìsàn. Ọjọ́ kẹfà, 39.8, màlúù sì fi koríko sílẹ̀. Nígbà náà ló wá kan abẹ́rẹ́ tó ń pa kòkòrò àrùn, mo sì gún un fún ọjọ́ 3. A kò ta wàrà rẹ̀ títí àsìkò tí wọ́n kọ sára ìgò oògùn fi pé. Ní ọjọ́ kẹjọ, ibi bọ́ fúnra rẹ̀ lódindi. Bó ṣe sábà ń rí nìyẹn: láàárín ọjọ́ 4 sí 10 ni ó máa ń jábọ́ bí a bá fi í sílẹ̀.

Mi ò wí pé fífi sílẹ̀ kò léwu rárá. Ẹ rí i pé ara màlúù yìí náà gbóná. Àmọ́ a tètè mọ̀, kò sì sí egbò nínú. Ti ewúrẹ́ ni kí ẹ máa tètè pè fún, nítorí àìsàn tètè máa ń wọ̀ ọ́ lára ju màlúù lọ: bí ìwọ̀n ooru rẹ̀ bá kọjá 40°C lábẹ́ ibòji ní àárọ̀, bí kò bá jẹun, bí ojú rẹ̀ bá jìn, tàbí bí omi pupa tó dàbí ìṣanwọ́ ẹran bá ń dà, ẹ má dúró dọ̀la.

Àwọn kan máa ń da omi iyọ̀, Ìsàlì tàbí hípò sínú ilé-ọmọ. Ẹ̀rù ń bà mí láti kọ ọ́, nítorí iná ni wọ́n dá sínú egbò. Kódà, oògùn kápúsù tí wọ́n ń tì bọ inú kì í jẹ́ kí ibi tètè bọ́. Ó ń pa lára kòkòrò tó ń bá wa mú un jẹrà, kò sì dé inú ẹ̀jẹ̀ tí àìsàn wà.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ tún kù. Ọ̀kan nínú ohun tó ń mú ibi kọ̀ ni àrùn bùrùsẹ́lọ́sìsì, tó ń mú kí oyún ẹran ṣẹ́ nígbà tó bá ti dàgbà. Ó ń ran ènìyàn, ibi sì ni ó kún fún un jù. Ẹni tó bá fi ọwọ́ lásán fa ibi ẹran tó ṣẹ́yún lè máa jà pẹ̀lú ibà tó ń lọ tó ń bọ̀ fún oṣù púpọ̀, tí yóò máa rò pé ibà ẹ̀fọn ni. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ má jẹ́ kí aboyún sún mọ́ ọn, ẹ sì gbẹ́ ilẹ̀ jìn kí ẹ sin ibi náà kí ajá má baà wú u. Ẹ se wàrà kí ẹ tó mu ún.

Àwọn ohun yòókù tó ń fa á ni ìbejì, ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, ìbímọ tó nira, àti oúnjẹ. Èyí tó kẹ́yìn yìí kàn wá ní agbègbè tí gààrí ti pọ̀. Ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ nìkan ní gbogbo ìgbà oyún kì í rí fítámì E àti sẹ̀lẹ́níọ̀mù tó tó, àwọn ohun tí sẹ́ẹ̀lì funfun nílò láti jà. Ewé tútù àti iyọ̀ lílá fún ẹran ni kí ẹ fi kún un. Abẹ́rẹ́ sẹ̀lẹ́níọ̀mù, ẹ fi sílẹ̀ fún dókítà, nítorí bó bá pọ̀ jù májèlé ni.

Bàbá tó fa ibi lọ́jọ́sí pè mí lóṣù tó kọjá. Ewúrẹ́ tirẹ̀ ló bí, wákàtí 5 ti kọjá, kò rí ibi, kò sì rí ohun tó rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní òun kò fọwọ́ kàn án o. Mo ní kí wọ́n wo ẹnu rẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù, ó wá bú sẹ́rìn-ín: irùngbọ̀n ẹran náà pupa fún ẹ̀jẹ̀. Ó ti jẹ ibi rẹ̀ tán, bí ewúrẹ́ ṣe máa ń ṣe, nígbà tí wọ́n lọ pọn omi.